Kẹ́ ẹ tó sunkún lórí WITHHELD tàbí PENDING: ohun tí mo ti rí nínú síkírínṣọ́ọ̀tì rìsọ́ọ̀tì

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lójú ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún òbí tàbí ọmọ tó bá fi síkírínṣọ́ọ̀tì rìsọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí mi tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Tíṣà ni mí, èmi ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìdánwò àṣejáde sí lọ́wọ́ nílé ìwé wa látọjọ́ pípẹ́, látorí ìforúkọsílẹ̀ dórí kíkó ìwé ìdáhùn jọ, títí dọjọ́ tí sàtífíkéètì bá dé, torí náà tí rìsọ́ọ̀tì bá ti jáde lálẹ́, fóònù mi ò ní sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn tó yege kì í pè mí tó àwọn tó rí WITHHELD tàbí PENDING. Wọ́n á ní "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti féèlì o", bẹ́ẹ̀ ọmọ ò tíì féèlì rárá, kò sẹ́ni tó tíì fún un ní gíréèdì kankan tá a lè fi mọ̀ bóyá ó féèlì tàbí ó yege.

Ẹkún yẹn máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ò yẹ kó wáyé, àti pé àsìkò tó yẹ kéèyàn fi ṣe ohun tó tọ́ lèèyàn fi ń sunkún.

Síkírínṣọ́ọ̀tì tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi kì í pé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé e, wọ́n á fi ibi tí ọ̀rọ̀ pupa yẹn wà nìkan sílẹ̀, torí òun ló ká wọn lára, òun ni wọ́n fẹ́ kí n rí. Àmọ́ ohun tí wọ́n gé dànù gan-an ni mo nílò. Mo fẹ́ rí orúkọ, nọ́ńbà ìdánwò, ọdún tí wọ́n ṣe é àti irú ìdánwò tó jẹ́. Mo fẹ́ rí gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì látorí èkíní dórí èyí tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ rí àdírẹ́ẹ̀sì pọ́tà tó wà lókè, kí n mọ̀ bóyá ti àjọ tó ṣe ìdánwò ni àbí ti ilé ìwé fúnra ẹ̀, mo tún fẹ́ rí aago àti ọjọ́ tí wọ́n ya á. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ rí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí lẹ́tà ti máa ń kéré, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pọ́tà máa ń kọ àlàyé sí, àwọn èèyàn kì í sì í yí i débẹ̀. Mo ti rí i léraléra pé ìdáhùn sí ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí láàárín òru wà ní ìlà kan nísàlẹ̀ ojú ìwé tí wọ́n gé kúrò.

Tí ojú ìwé bá ti pé, ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn lè wà, ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan sì ń sọ yàtọ̀.

Ó lè wà níwájú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, níbi tó yẹ kí gíréèdì wà, tí àwọn yòókù sì ní gíréèdì tiwọn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àjọ náà mọ ọmọ yìí, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ohun kan ló kù nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan. Ó tún lè jẹ́ pé òun ló gba gbogbo ojú ìwé, tí kò sí gíréèdì kankan, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀ pé wọ́n di rìsọ́ọ̀tì yìí mú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì mọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe ìdánwò ni tàbí ti ibi tó ti ṣe é. Ẹ̀kẹta, ó lè má sí lójú ìwé rìsọ́ọ̀tì rárá, kó jẹ́ pé pọ́tà ilé ìwé ló gbé e jáde kẹ́ ẹ tó wọlé, ọ̀rọ̀ owó tàbí ti fáìlì ló sì sábà máa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni PENDING lè jẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ló yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí àwòrán tí wọ́n ti gé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, torí òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà lèèyàn sì lè ṣe nǹkan sí jù.

Gíréèdì kan tẹ́ ẹ rí yẹn, kì í ṣe ìwé kan ló bí i. Kẹ́mísírì fún àpẹẹrẹ, ọmọ á ṣe ọbujẹ́tíìfù tí wọ́n ń ṣéèdì, á ṣe tíọ́rì, á tún ṣe puratíkà, nínú ìdánwò mìíràn ilé ìwé tún máa fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà àjọ náà ló ń kó gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà ọmọ yẹn. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kì í méfò, kì í fi òdo síbẹ̀ kó sì máa lọ, á dúró ni, á kọ PENDING tàbí OUTSTANDING síbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò sọ pé ọmọ ò wá, ABSENT ló máa kọ, ìyẹn sì yàtọ̀ gan-an, torí PENDING ń sọ pé wọ́n ṣì ń retí nǹkan, ABSENT ń sọ pé wọn ò retí nǹkan kan mọ́. Ọmọ tó bá jókòó ṣe ìdánwò tó wá rí ABSENT, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó gba ilé ìwé lọ, kó má dúró rárá.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan rèé tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló ṣe, ìyá ẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju "PENDING" lọ àti apá kan lẹ́tà orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Màmá yẹn ti gbà pé gbogbo rìsọ́ọ̀tì ni wọ́n dì mú. Mo ní "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó tún un ṣí, kó yà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò bá gba ẹyọ kan kó ya méjì". Nígbà tó dé, mẹ́jọ ní gíréèdì, Kẹ́mísírì nìkan ló ní PENDING. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ara mi ni pé, òun nìkan ni àbí àwọn míì nínú kíláàsì náà wà níbẹ̀? Torí bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ló máa ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí nǹkan ti wọ́. Tó bá jẹ́ gbogbo kíláàsì ló ní PENDING nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ ilé ìwé tàbí ọ̀dọ̀ àjọ, ó ṣeé ṣe kí máàkì puratíkà tàbí ti iṣẹ́ kíláàsì má tíì débẹ̀, tàbí kí àpò ìwé ìdáhùn kan má tíì di kíkà. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ pé ìwé ẹ̀ kan sọnù sáàárín ìwé ẹlòmíì, tàbí pé nọ́ńbà tó kọ ò bá ti ìforúkọsílẹ̀ mu. Tó bá wá jẹ́ méjì, ẹ wo nọ́ńbà àwọn méjèèjì dáadáa.

Méjì ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan náà wà níbẹ̀ tó ní PENDING nínú Kẹ́mísírì, nọ́ńbà ti ọmọbìnrin yẹn parí sí 041, ti ọmọkùnrin parí sí 047. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọ ṣe ń ṣéèdì rí máa mọ ibi tí mò ń lọ. Lórí ìwé ọbujẹ́tíìfù, ọmọ máa ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sókè, á tún wá kun bíńtín bíńtín sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ohun tó kùn yẹn ni ẹ̀rọ ń kà, ẹ̀rọ ò ka èyí tó fi ọwọ́ kọ. Tí ọmọkùnrin yìí bá kun 1 níbi tó yẹ kó kun 7, ìwé méjì ni ẹ̀rọ máa rí fún 041, kò ní rí nǹkan kan fún 047. Kò lè sọ èwo nínú méjèèjì ni ti ọmọbìnrin, kò sì lè fún ọmọkùnrin ní gíréèdì láìsí ọbujẹ́tíìfù, ló bá dá àwọn méjèèjì dúró. Ọmọbìnrin yẹn ò ṣe àṣìṣe kankan o, ohun tí ẹlòmíì kùn ló dá tiẹ̀ dúró, òun àtàwọn òbí ẹ̀ ti sọ ara wọn di ẹni tí ọ̀tá ń bá jà.

Mo lọ yọ ẹ̀dà ìwé tí wọ́n buwọ́ lù ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ìyẹn ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sáìnì sí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì sáìnì ní ọjọ́ ọbujẹ́tíìfù àti tíọ́rì, wọ́n sáìnì fún puratíkà náà, torí náà ọ̀rọ̀ pé ẹnìkan ò wá ti kúrò ńlẹ̀. Mo tún wo ìwé tó sọ ibi tí kálukú jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn la kọ lẹ́tà, ọ̀gá ilé ìwé buwọ́ lù ú, a fi ìwé tó ní orúkọ ilé ìwé lórí kọ ọ́, a kọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì, nọ́ńbà ìdánwò wọn ní kíkún, ọdún, orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì, a wá sọ ohun tá a fura sí ní gbólóhùn méjì, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ìwé ọbujẹ́tíìfù méjì lábẹ́ nọ́ńbà kan, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi orúkọ tí ọmọ fọwọ́ kọ sókè ìwé yanjú ẹ̀. A so ẹ̀dà ìwé ìsáìnì mọ́ ọn. Wọn ò pè wá, wọn ò kọ̀wé padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ọmọ náà tún wọ pọ́tà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gíréèdì ti wà níbẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, wọn kì í kéde ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á kàn kúrò níbẹ̀ ni, torí náà ẹni tí ò bá padà lọ wò ó kò ní mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà yẹn ò sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́, ọmọ yìí gbọ́n gan". Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí tí àwọn òbí kọ, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, àmọ́ ẹni tó jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ àjọ náà nílò nọ́ńbà, ọdún, sọ́bújẹ́ẹ̀tì, àti pépà wo. Tí nọ́ńbà ò bá pé, lẹ́tà yẹn á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Wàyí o, WITHHELD. Mi ò ní fi irọ́ tù yín nínú, èyí wúwo ju PENDING lọ. Tó bá jẹ́ àjọ ìdánwò ló kọ ọ́, tó sì gba gbogbo ojú ìwé, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé ẹnìkan ti fi ẹ̀sùn màgòmágó sílẹ̀, yálà lórí ọmọ yẹn tàbí lórí gbogbo gbọ̀ngàn tó ti ṣe ìdánwò. Ẹ̀sùn yẹn lè wá látọ̀dọ̀ alámòójútó tó bá fóònù lára ọmọ, ó lè wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ń máàkì tó rí i pé ìdáhùn ogún ọmọ bára mu délẹ̀délẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ṣì í. Wọn ò tíì dá ẹjọ́, wọ́n ṣì ń wádìí ni. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí mo ti rí òbí tó lu ọmọ nítorí WITHHELD, tó sì wá di pé gbọ̀ngàn ni wọ́n ń wádìí, wọ́n sì tú rìsọ́ọ̀tì ọmọ yẹn sílẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Ó dùn mí títí di òní.

Àti pé kì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí WAEC gbé rìsọ́ọ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sọ fúnra wọn pé rìsọ́ọ̀tì ọmọ 192,089 ni wọ́n dì mú lórí ẹ̀sùn màgòmágó, nínú àwọn 1,969,313 tó jókòó ṣe é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé wọ́n á gbé ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan síwájú ìgbìmọ̀ tó yẹ, pé ilé ìwé ni wọ́n máa gbà sọ ìpinnu fún ọmọ. Ẹ dákun ẹ di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú: ilé ìwé ni wọ́n máa gbà. Kì í ṣe wọ́sáàpù ẹnìkan, kì í ṣe ọkùnrin kan tó ní òun mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì.

Tí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó, wọ́n lè tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lè fagi lé sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n lè fagi lé gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá fagi lé e, ọ̀rọ̀ yẹn á yí padà lójú ìwé, á di CANCELLED. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ máa padà wò ó nìyẹn, torí WITHHELD àti CANCELLED kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó rí CANCELLED gbọ́dọ̀ yáa múra àtitún ìdánwò forúkọ sílẹ̀, ẹni tó rí WITHHELD ṣì ní àyè láti sọ tẹnu ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí ọmọ ṣe ni pé kó jókòó kó kọ ohun tó rántí sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ẹ̀: ọjọ́ wo, pépà wo, ibo ló jókòó sí, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé alámòójútó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n ní kó kọ nǹkan kó sì buwọ́ lù ú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó kọ ìwé ní gbọ̀ngàn ti mọ ìdí tí tiẹ̀ fi wà níbẹ̀, àwọn òbí ni wọn ò tíì mọ̀, ó sì sàn kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó wá bá ilé ìwé jà.

Tó bá wá jẹ́ pọ́tà ilé ìwé fúnra ẹ̀ ló kọ WITHHELD, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ owó ló sábà máa ń jẹ́, tàbí ìwé láíbìrì tí wọn ò dá padà, tàbí fọ́ọ̀mù tí wọn ò tíì kún. Máàkì wà ńbẹ̀, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn ni. Mo mọ ọmọ kan tó ti sanwó pátá, síbẹ̀ WITHHELD ò kúrò, ó wá hàn pé báńkì ti gba owó náà àmọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ò tíì so ó mọ́ nọ́ńbà ọmọ yẹn. Rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìsanwó lórí ló yanjú ẹ̀, wọn ò lo ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. PENDING lórí pọ́tà yunifásítì tún máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn, ó lè jẹ́ pé lẹ́kíṣọ́rà ti fi máàkì sílẹ̀ àmọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka tàbí Sẹ́néètì ò tíì fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe sí ìyẹn, ìpàdé ni wọ́n ń dúró dè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni tiẹ̀ ò jáde nígbà tí tàwọn tẹ́ ẹ jọ ṣe é ti jáde, ẹ lọ wò ó bóyá ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì yẹn lórí pọ́tà, torí èèyàn lè jókòó ní kíláàsì jálẹ̀ sáà kó sì ṣe ìdánwò láì forúkọ sílẹ̀, máàkì ẹ̀ ò wá ní rí ibi tó máa wọ̀.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àjọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kọ tiẹ̀. Àwọn kan ò kọ ọ̀rọ̀ rárá, lẹ́tà kan ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Lọ́dọ̀ Cambridge, Q ni wọ́n ń lò tí rìsọ́ọ̀tì bá ṣì ń bọ̀, X ni wọ́n ń lò tí kò bá ní sí rìsọ́ọ̀tì fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé gíréèdì burúkú kan ni wọ́n jọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ Q ń ní kẹ́ ẹ dúró, X ń ní kẹ́ ẹ lọ béèrè. Torí náà, ẹ má mú ohun tí aládùúgbò yín sọ nípa ìdánwò tirẹ̀ wá ka ìdánwò tiyín, inú ìwé ìtọ́ni àjọ tó ṣe èyí tẹ́ ẹ ń wò ni kẹ́ ẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó wà lórí síkírínṣọ́ọ̀tì wá kù. Rìsọ́ọ̀tì lórí pọ́tà lè yí padà, síkírínṣọ́ọ̀tì ò lè yí padà. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù tí mo mọ̀ ni ti WAEC 2025 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ni wọ́n gbé e jáde, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ti pọ́tà náà pa, wọ́n ní àwọn rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n to ìbéèrè wọn lóríṣiríṣi fún àwọn ọmọ: Mátíìsì, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì àti Ẹkọnọ́míìsì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kí àwọn tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ tún padà wò ó. Ìdá àwọn tó ní kírẹ́dítì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Mátíìsì kúrò ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 62.96. Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ya síkírínṣọ́ọ̀tì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sì ń fi kiri, rìsọ́ọ̀tì tí kò sí mọ́ ló ń fi kiri. Torí náà tí àwòrán ò bá ní ọjọ́, tàbí tó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mò ń sọ ni pé "ẹ tún un ṣí lónìí". Ọ̀pọ̀ PENDING tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, nígbà tí wọ́n bá fi máa tún un ṣí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì pè é ní WITHHELD tí pọ́tà bá kàn sọ pé òun ò rí rìsọ́ọ̀tì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa rìsọ́ọ̀tì yín, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ni kò bá nǹkan kan mu. Ọdún tẹ́ ẹ yàn lè jẹ́ ti èṣí, ẹ lè yan ìdánwò àdáṣe dípò ti ilé ìwé, ẹ sì lè fi lẹ́tà O síbi òdo.

Àwọn oníjìbìtì mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jù yín lọ o. Wọ́n á rí síkírínṣọ́ọ̀tì yín níbi tẹ́ ẹ fi sí, á ní nọ́ńbà ìdánwò lórí, nígbà míì á tún ní PIN káàdì tẹ́ ẹ fi wo rìsọ́ọ̀tì, wọ́n á wá pè yín, wọ́n á pe orúkọ ọmọ yín, wọ́n á pe nọ́ńbà ẹ̀, ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó gbà pé inú àjọ ni wọ́n ti ń pè lóòótọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ káwọn yọ WITHHELD kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ padà, gíréèdì á ti kún inú ẹ̀, A àti B rẹpẹtẹ, àwòrán tí wọ́n fi fóònù tún kọ ni. Ẹ wọ pọ́tà fúnra yín lójú ẹsẹ̀, ẹ ó rí i pé WITHHELD ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi síkírínṣọ́ọ̀tì han ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ilé ìwé yín, ẹ kun PIN àti nọ́ńbà ìdánwò lójú, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí gbẹ̀yìn ni pé, ṣé ọmọ lè fi rìsọ́ọ̀tì tó ní PENDING wá ilé ìwé gíga. Ó wà lọ́wọ́ ilé ìwé yẹn. Àwọn kan gbà kéèyàn forúkọ sílẹ̀ pé òun ń retí rìsọ́ọ̀tì, tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó kù ò bá sì sí lára àwọn tí kọ́ọ̀sì yẹn ń béèrè, ó lè má dí wọn lọ́wọ́ rárá. Ọmọkùnrin oní-Kẹ́mísírì yẹn fẹ́ ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, torí náà ó nílò ẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí rìsọ́ọ̀tì. Nígbà tí gíréèdì wá jáde, mo ní kó tẹ ojú ìwé tuntun látinú pọ́tà, kó gbé e sórí pọ́tà ilé ìwé gíga náà dípò ti tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, kó sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn, torí pọ́tà ilé ìwé gíga ò mọ̀ pé ti àjọ ìdánwò ti yí padà, èyí tó ní PENDING ló ṣì ń wò.